Àfikún àkókò fún Tóbi: bí ẹ ó ṣe kọ̀wé sí pírínsípà

*Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 12 ni Tóbi mi, ó wà ní kíláàsì kejì sẹ́kọ́ńdìrì ní Kúbúwà, Àbújá níbí. Onímọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé disilẹ́ksíà, ìṣòro tó ń mú kí ìwé kíkà àti kíkọ nira fún ọmọ, ló ń bá a fínra, ó sì kọ ìjábọ̀ fún wa. Nínú ìdánwò sáyẹ́ǹsì oníṣẹ́jú 40 tí wọ́n ṣe, ìbéèrè mẹ́fà péré ló dé nínú mẹ́wàá, ó sì gba márùn-ún níbẹ̀. Mo bẹ pírínsípà lẹ́nu pé kí wọ́n fún un láyè sí i, wọ́n ní ṣé àwọn òbí yòókù ò ní pè é ní ojúsàájú. Báwo ni kí n ṣe kọ lẹ́tà náà? Ìyá Tóbi.*

Ìyá Tóbi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ìwé ìdánwò sáyẹ́ǹsì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé síwájú pírínsípà, kí ìjábọ̀ tẹ̀ lé e. Wọ́n lè má tíì gbọ́ disilẹ́ksíà rí, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni wọ́n, wọ́n á ka ìwé ọmọ yé. Ọmọ tí kò mọ nǹkan sábà máa ń kọ ìkọkúkọ kiri ni. Ibi tí Tóbi dé dára, ibi tí kò dé sì ṣófo.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ ka ìbéèrè mẹ́rin tó ṣẹ́kù sí i létí nílé, kó fẹnu dáhùn. Tó bá dáhùn wọn, àkókò ló ń ṣẹ́ ẹ lọ́wọ́. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀kọ́ náà ni kò tíì yé e, wákàtí márùn-ún ò sì ní tún un ṣe. Ohun kẹta tún wà: bí ó bá ṣi ìbéèrè kà nígbà tí kò sẹ́ni tó ń kán an lójú, ẹni tí yóò máa ka ìbéèrè fún un ló nílò jù. Ẹ wo ohun tí ìjábọ̀ dámọ̀ràn, kí ẹ béèrè ìyẹn gan-an. Tí kò bá dárúkọ iye ìṣẹ́jú, ẹ béèrè ìdá kan nínú mẹ́rin àkókò sí i. Òun ni wọ́n sábà máa ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ìṣẹ́jú 10 lórí 40, ìṣẹ́jú 15 lórí wákàtí kan.

Gẹ̀ẹ́sì lẹ ó fi kọ ọ́, àmọ́ ohun tí yóò wà níbẹ̀ nìyí:

*“Pírínsípà wa ọ̀wọ́n, disilẹ́ksíà ń mú kí ìwé kíkà àti kíkọ falẹ̀ fún ọmọ mi Tóbi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ń yé e. Nínú ìdánwò sáyẹ́ǹsì, ó gba márùn-ún nínú ìbéèrè mẹ́fà tó dé. Nílé, ó fẹnu dáhùn àwọn tí kò dé. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin kún àkókò rẹ̀ nínú ìdánwò sáà yìí. Kí ìbéèrè rẹ̀ má yàtọ̀, kí wọ́n sì máàkì ìwé rẹ̀ bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Tí àkókò àwọn yòókù bá ti pé, kó fi bírò búlúù sílẹ̀, kó mú dúdú. Lẹ́yìn sáà, kí a jọ wo ìwé rẹ̀. Ẹ̀dà ìdánwò náà àti ìjábọ̀ wà nínú àpòòwé yìí.”*

Bírò méjì yẹn ló máa dáhùn ọ̀rọ̀ ojúsàájú. Olùkọ́ lè ro máàkì búlúù lọ́tọ̀, kó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ́tọ̀, kó sì fi han òbí tó bá béèrè. Ó máa là yín náà lójú: bí ibi dúdú bá ń ṣófo ní gbogbo ìgbà, àfikún náà ò ràn án lọ́wọ́, ẹ ó sì wá nǹkan mìíràn.

Tí wọ́n bá gbà, ẹ béèrè ibi tó máa jókòó. Ó dùn mí púpọ̀ nígbà tí wọ́n bá fún ọmọ níṣẹ́jú mẹ́wàá, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pariwo jáde, tí àga ń dún, tí olùkọ́ ń gba ìwé lórí rẹ̀. Yàrá ìkàwé tàbí ọ́fíìsì kan tó dákẹ́ ló yẹ ẹ́. Ní ọjọ́ tí ìdánwò bá jẹ́ méjì, ẹ rí i pé àfikún náà ò jẹ àkókò oúnjẹ rẹ̀, torí ìwé kíkà ń rẹ̀ ẹ́ ju àwọn yòókù lọ.

Òfin tó kà á léèwọ̀ láti ṣe ẹ̀tanú sí àwọn tó ní ìpèníjà ara wà, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní ọdún 2019, ó sì sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ wọn sí ẹ̀kọ́. Ẹ má fi í sínú lẹ́tà àkọ́kọ́ yìí. Pírínsípà tó bá rí orúkọ òfin lè sáré pe lọ́yà, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n lè gbà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n bá rí ìwé ọmọ. Bí wọ́n bá kọ̀ láìsọ ìdí, ẹ lè mẹ́nu kàn án nínú lẹ́tà kejì.

Ìdánwò àṣejáde kíláàsì kẹta kò sí lọ́wọ́ pírínsípà. Àjọ tó ń ṣe é ló ní àṣẹ, ilé-ẹ̀kọ́ ló sì máa bá yín kọ̀wé sí i. Ẹ béèrè kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí. Tí Tóbi bá ti ń lo àfikún láti kíláàsì kejì, ilé-ẹ̀kọ́ ní ẹ̀rí tó máa fi hàn. Nítorí náà, ẹ̀dà méjì lẹ́tà yìí ni kí ẹ mú lọ, kí akọ̀wé wọn fọwọ́ sí ọ̀kan, kó kọ déètì sí i, kí ẹ sì fi í sínú fáìlì ọmọ nílé.