Agbo ni àbí ọ̀wọ́? Bá a ṣe ń pe ẹranko àti èèyàn tó kóra jọ

Ìbéèrè: "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, ọmọ mi ní iṣẹ́ àṣetiléwá tó ní kó kọ orúkọ Yorùbá fún màlúù tó pọ̀ lójú kan, ẹyẹ tó pọ̀, oyin tó pọ̀, àti àwọn agbábọ́ọ̀lù. 'Agbo' nìkan ni mo mọ̀. Ṣé gbogbo ẹ̀ náà ni agbo ni? Ṣé àwọn èèyàn ṣì ń lo àwọn tó kù?"

Rárá o, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni agbo. Ohun tó ń dààmú yín àti tíṣà yẹn ni pé ẹ fẹ́ kí Yorùbá ṣe bíi ti òyìnbó, tó ní orúkọ kan fún kìnnìún, òmíràn fún ẹja, òmíràn fún ẹyẹ ìwò. Àwọn òyìnbó gan-an ò fi gbogbo ẹ̀ sọ̀rọ̀ o, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ wà nínú ìwé ọdẹ kan tí wọ́n tẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1486, àwọn míì níbẹ̀ sì jọ ẹ̀fẹ̀ lásán. Yorùbá kì í wo irú ẹranko tó jẹ́ tó bá fẹ́ sọ ọ́, bí wọ́n ṣe wà lójú kan tàbí bí wọ́n ṣe ń rìn ló ń wò.

Ẹ jẹ́ ká mú agbo. Agbo, ó ní ibi tó yí ká, ó ní inú. Ìdí nìyẹn tá a fi ń sọ pé agbo ijó, tẹ́nì kan á bọ́ sínú agbo táwọn tó kù á yí i ká, ìdí nìyẹn náà tá a fi ní agbo ilé tá a wá ń pè ní agboolé. Ẹ wo Bíbélì àtijọ́, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther bá wọn ṣe, Jòhánù orí 10: ní ẹsẹ 1, ẹni tí ò gba ẹnu ọ̀nà wọ inú agbo àgùntàn, olè ni, agbo ibẹ̀ yẹn ọgbà ni, ibi tí wọ́n ń kó ẹran sí. Ẹ wá ka ẹsẹ 16, "agbo kan, olùṣọ́ àgùntàn kan", agbo ibẹ̀ yẹn ti di àwọn àgùntàn fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ kan náà, orí kan náà, ó kúrò lórí ọgbà ó bọ́ sórí àwọn tó wà nínú ẹ̀.

Ọ̀wọ́ ní tiẹ̀, àwọn tó ń bá ara wọn rìn ni, tí wọ́n tẹ̀ léra. Èmi máa ń so ó mọ́ "wọ́" tó wà nínú òwe yẹn, ẹgbẹ́ ẹyẹ lẹyẹ ń wọ́ tẹ̀ lé, ẹgbẹ́ ẹja lẹja ń wẹ̀ tò. Ẹ sì mọ̀ pé tá a bá ní èèyàn ń bọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kì í ṣe pé gbogbo wọn dé lẹ́ẹ̀kan, àwọn kan dé, àwọn míì tún dé. Nítorí náà ẹyẹ tó ń kọjá lójú ọ̀run, ọ̀wọ́ ẹyẹ ni, tẹ́ ẹ bá pè é ní agbo ẹyẹ etí mi ò gbà á. Ọmọ ogun tó ń yan lọ, ọ̀wọ́ ni.

Màlúù tí wọ́n bi ọmọ yín yẹn ló dáa jù láti fi ṣàlàyé. Màlúù tó sùn sínú gáà lálẹ́, tí darandaran ti kó jọ, agbo màlúù ni. Ilẹ̀ mọ́, ó kó wọn jáde, wọ́n gba títì, ọkọ̀ dúró dè wọ́n kí wọ́n kọjá, ọ̀wọ́ màlúù nìyẹn. Ẹran kan náà, ọ̀rọ̀ méjì. Àmọ́ mi ò fẹ́ tan yín, àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ò pín in báyìí, ní Jẹ́nẹ́sísì 13 ẹsẹ 5 wọ́n ní Lọ́tì ní agbo ẹran àti ọ̀wọ́ ẹran, agbo fún àgùntàn àti ewúrẹ́, ọ̀wọ́ fún màlúù, torí pé ìwé tí wọ́n ń túmọ̀ ní ọ̀rọ̀ méjì níbẹ̀, àwọn náà sì gbọ́dọ̀ wá méjì. Torí náà tíṣà tó bá ní ọ̀wọ́ màlúù nìkan ló tọ̀nà, ó ríbi dì í mú.

Èwo ló wá ṣì wà lẹ́nu àwọn èèyàn? Agbo wà digbí, kódà ó ti kúrò lọ́dọ̀ ẹran, agbo òṣèlú, agbo òṣèré, ojoojúmọ́ lẹ ń gbọ́ ọ lórí rédíò. Ọ̀wọ́ ló ń kú lọ. Inú ìwé lẹ ti máa rí i, tàbí lẹ́nu àwọn àgbà, ẹni tó rí màlúù lójú títì lónìí á kàn ní "màlúù rẹpẹtẹ" ni, ó parí. Ọ̀kan lára ohun tó ń pa á ni pé a kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ tá a bá ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, tí ọ̀wọ́, ọwọ́, ọ̀wọ̀ àti ọwọ̀ ìgbálẹ̀ á wá di ìkan náà. Agbo náà ní wàhálà tiẹ̀, ẹ kọ "agbo agbo" láìsí àmì kẹ́ ẹ wo bóyá ẹnì kan á mọ̀ pé àgbò tó pọ̀ lẹ̀ ń sọ, àbí ẹ̀ ń polówó àgbo tí wọ́n ń mu 😂.

Ti èèyàn yàtọ̀ díẹ̀. Ẹgbẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kí wọ́n tó kà yín mọ́ ọn, tàbí kẹ́ ẹ jọ jẹ́ ojúgbà, ìyẹn lẹ ṣe ń gbọ́ "èmi kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ". Èrò ò bìkítà, àwọn tọ́nà kàn pa pọ̀ ni, èrò ọkọ̀, èrò ọjà, tí wọ́n bá pọ̀ jù àwọn oníròyìn á ní ogunlọ́gọ̀ èrò.

Ikọ̀ lèmi fẹ́ràn jù. Ikọ̀ tẹ́lẹ̀, ìránṣẹ́ ni, ẹni tí ọba rán níṣẹ́ lọ sí ìlú míì, nínú 2 Kọ́ríńtì 5 ẹsẹ 20 ẹ máa rí i, "àwa ni ikọ̀ fún Kristi". Lónìí tẹ́ ẹ bá sọ pé ikọ̀, agbábọ́ọ̀lù lẹni tẹ́ ẹ ń bá sọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ rò, tàbí àwọn agbébọn. Ó yé mi bó ṣe lè rí bẹ́ẹ̀, agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè náà ṣáà jẹ́ ẹni tí ìlú rán lọ. Torí náà ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù ni kí ọmọ kọ, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà ò burú, pàápàá tó bá jẹ́ kílọ́ọ̀bù.

Ó ku oyin, ibẹ̀ sì ni tíṣà ti ṣàṣejù. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí pé "agbo oyin lé mi". Ọ̀rọ̀ ìṣe là ń lò níbẹ̀: oyin ṣù mọ́ ẹ̀ka igi tí wọ́n bá jókòó, oyin ya bò wọ́n tí wọ́n bá ń bínú, bí eṣú náà ṣe ń ya bo oko, bí èrò ṣe ń rọ́ wọ ọjà. Tó bá pọn dandan kí ọmọ fi nǹkan dí àlàfo yẹn, kó kọ ọ̀wọ́ oyin fún èyí tó ń fò lọ, àmọ́ kẹ́ ẹ ní kó kọ "oyin ṣù" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí tíṣà náà rí i.