Àfi kẹ́ ẹ wo náírà tó balẹ̀

"Ẹ jọ̀ọ́, mo wà ní Mánṣẹ́sítà, mo fẹ́ máa fowó ránṣẹ́ sí màmá mi n'Íbàdàn lóṣooṣù. Áàpù kan ní òun ò gba ṣáàjì rárá, ìkejì ń gba pọ́n-ùn 3. Èwo ló sàn, èwo ló sì yá jù?"

Àbúrò, ẹni tó ní òun ò gba ṣáàjì, inú réètì ló ti ń yọ tiẹ̀. Ọjọ́ tó o bá fẹ́ fowó ránṣẹ́, ṣí méjèèjì pọ̀, tẹ iye kan náà sí wọn, kó o wá wo iye náírà tí wọ́n ní màmá máa gbà, má wo nǹkan míì. Ká ní aláìgbaṣáàjì ń ṣe 1,950, ìkejì ń ṣe 2,000. Tó o bá fi pọ́n-ùn 200 ránṣẹ́, ti àkọ́kọ́ á jẹ́ 390,000, ìkejì á yọ 3 tiẹ̀, 197 tó kù á di 394,000. Àmọ́ tó bá jẹ́ 50 péré, àkọ́kọ́ á fún màmá ní 97,500, ìkejì 94,000. Pọ́n-ùn 120 ni wọ́n ti bára dọ́gba, ló fi jẹ́ pé ẹni tó ń fi díẹ̀díẹ̀ ránṣẹ́ ni ṣáàjì ń pa lára jù. Kó o sì ṣọ́ra o, réètì aládùn tí wọ́n fi ń kí oníbàárà tuntun káàbọ̀ kì í sábà kọjá ẹ̀ẹ̀kan, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ni kó o fi dá wọn lẹ́jọ́.

Ní ti yíyá, akáǹtì náírà ni. Nígbà míì kó o tó gbé fóònù sílẹ̀, àlááàtì ti wọlé fún wọn. Láti ìparí 2020 dọ́là nìkan ni báńkì àpapọ̀ ní kí wọ́n máa san, July 2023 ni wọ́n tó gbà kéèyàn tún lè yan náírà, torí náà wo ibi tí wọ́n kọ ọ̀nà ìgbowó sí dáadáa kó o tó tẹ̀ ẹ́.

Owó tí wọ́n máa lọ gbà ní kàǹtà náà yá, wàhálà ibẹ̀ ni orúkọ. Orúkọ ọkọ la fi ránṣẹ́ sí àǹtí mi, ti ilé bàbá wọn ló wà lórí káàdì wọn, akáwó ní àwọn ò lè san án, wọ́n tò lórí ìlà lásán. Orí áàpù la ti tún orúkọ ṣe kí wọ́n tó rí i gbà lọ́jọ́ kejì.

Báńkì sí báńkì ló fà jù, ó lè gba ọjọ́ mélòó kan, báńkì tó wà láàárín sì lè bù nínú ẹ̀ lójú ọ̀nà. Tó bá pẹ́ jù, ní kí báńkì rẹ fún ẹ ní ìwé ẹ̀rí owó tí wọ́n fi ránṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ ṣì ń pè ní MT103, ìyẹn ni wọ́n á fi tọpa ẹ̀.

Àwọn tó ń sọ pé kó o san pọ́n-ùn fáwọn níbí, káwọn san náírà fún màmá lọ́hùn-ún ńkọ́? Lóòótọ́ réètì wọn máa ń dùn, àmọ́ o ò mọ ẹni tó ni akáǹtì tó ò ń sanwó sí. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣe é, báńkì ẹ̀ ti akáǹtì ẹ̀ pa, owó oṣù ẹ̀ wà nínú ẹ̀, wọ́n wá ní kó ṣàlàyé ẹni tó ń sanwó fún.