Fífi ìdá pín ìdá: kí ló dé tá a fi ń dorí èkejì kodò?

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Méríláńdì l'Amẹ́ríkà là ń gbé àmọ́ a wà n'Íbàdàn báyìí fún họlidé, lọ́dọ̀ ìyá mi ní Mókọ́lá. Tóbi ń ṣe iṣẹ́ máàtì tí wọ́n gbé fún wọn wálé, ó wá dé ibi 3/4 ÷ 2/3. Mo ní kó dorí èkejì kodò kó sì sọ ọ́ di púpọ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn, ó ní òun mọ̀yẹn, pé ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni tíṣà òun ní káwọn ṣàlàyé. Ẹnu mi wọhò. Ìyá mi tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Ta ló lè bá mi là á yé e? Màmá Tóbi.

Ìdáhùn: Màmá Tóbi, ẹ kú ìrìn o, ẹ bá mi kí Màmá gan-an. Ọmọ tèmi náà bi mí nírú ẹ̀ ní Tòróńtò níbí, ẹ má bínú sí Tóbi jàre. Ìlànà tí Méríláńdì ń lò, inú Kọ́mọ̀n Kọ̀, ìlànà ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ l'Amẹ́ríkà jọ gbé kalẹ̀, ni wọ́n ti fà á yọ, ìyẹn sì sọ ọ́ gbangba pé ọmọ kíláàsì 6 gbọ́dọ̀ lè fi ìdá pín ìdá, kó sì lè sọ ohun tí ìdáhùn ẹ̀ túmọ̀ sí. Àwa n'Íbàdàn láyé ọjọ́un, a há a sórí, wọ́n sì máàkì ẹ̀ pé a gbà á, ó parí.

Màmá tó ń rẹ́rìn-ín yẹn mọ ohun tó ń rẹ́rìn-ín sí, torí iṣẹ́ tí wọ́n ń fọwọ́ ṣe lójoojúmọ́ nìyí. Ẹ yá tépù wọn. Yáàdì kan, íńṣì 36 ni. Tẹ́ ẹ bá pín in sọ́nà mẹ́rin tẹ́ ẹ mú mẹ́ta, íńṣì 27 lẹ máa bá, 3/4 yáàdì nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá pín in sọ́nà mẹ́ta tẹ́ ẹ mú méjì, íńṣì 24 ni, 2/3 yáàdì nìyẹn. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká ní ańkàrá kan wà nílẹ̀ tó gùn tó 3/4 yáàdì, Màmá wá fẹ́ fi rán àpò, àpò kan sì ń jẹ 2/3 yáàdì lára aṣọ yẹn. 3/4 ÷ 2/3 ò béèrè ju èyí lọ: àpò mélòó ló wà nínú aṣọ yìí?

Tóbi máa rí i lórí tépù fúnra ẹ̀. Íńṣì 27 ló wà nílẹ̀, àpò kan jẹ 24, ó ku íńṣì 3, íńṣì 3 sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ ohun tí àpò kan ń jẹ, torí 3 lọ́nà 8 ni 24. Nítorí náà àpò kan àti ìdá kan nínú mẹ́jọ, ìyẹn 9/8. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀, ká lè mọ ibi tá à ń lọ kí ọ̀rọ̀ ìdorí-kodò tó wọ̀ ọ́.

Ẹ wá gbé ègé aṣọ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ẹ bi í pé, tó bá jẹ́ yáàdì kan gbáko ló wà lọ́wọ́ Màmá ńkọ́, àpò mélòó ló máa jáde? Íńṣì 36, àpò kan jẹ 24, ó ku 12, 12 sì jẹ́ ìdajì 24. Àpò kan àbọ̀ nìyẹn. Ọ̀kan àbọ̀, tá a bá kọ ọ́ ní ìdá, 3/2 ni. Ẹ ní kó wò ó dáadáa, òun gan-an ni 2/3 tí wọ́n dorí ẹ̀ kodò! Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà nìyí, ẹ má sáré kọjá ẹ̀. Nọ́ńbà tá a dorí ẹ̀ kodò yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe, òun ló ń sọ iye àpò tó wà nínú yáàdì kan.

Kí ló wá dé tó fi máa ń bọ́ sí orí kodò gẹ́lẹ́? Ẹ wo 2/3 náà. 3 tó wà nísàlẹ̀ ń sọ pé ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gé yáàdì kan sí, nítorí náà ègé mẹ́ta ló wà nínú yáàdì. 2 tó wà lókè ń sọ pé ègé méjì ni àpò kan ń jẹ. Ègé mẹ́ta wà nílẹ̀, méjì méjì là ń kó lọ, ẹ fi 2 pín 3, 3/2 ni. Tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ fi gòkè nìyẹn, torí òun ni iye ègé tó wà nílẹ̀, tí ti òkè sì bọ́ sísàlẹ̀ torí òun là ń fi pín in. Ó fẹ́ẹ̀ jẹ́ pé ọmọ tó bá gba ibí yìí kò tún ní nílò kó há nǹkan kan sórí mọ́. Ẹ fi 5/8 dán an wò: yáàdì di ègé mẹ́jọ, nǹkan kan ń jẹ ègé márùn-ún, mẹ́jọ tá a fi márùn-ún pín, 8/5. Bákan náà ni.

Ẹ wá padà sídìí aṣọ tiwa. Kì í ṣe yáàdì kan gbáko ló wà lọ́wọ́ wa, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin yáàdì ni. Yáàdì kan ń fún wa ní àpò 3/2, nítorí náà ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin yáàdì máa fún wa ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpò 3/2. Ẹ ò rí i pé ìsọdipúpọ̀ ti wọlé fúnra ẹ̀, ẹnì kankan ò fipá mú un:

3/4 ÷ 2/3 = 3/4 × 3/2 = 9/8

Ohun tá a rí lórí tépù ló tún jáde yìí. Tí tíṣà bá béèrè, gbólóhùn méjì péré ni Tóbi máa sọ, pé 3/2 ni iye 2/3 tó wà nínú odidi kan, àti pé torí pé 3/4 odidi la ní, 3/4 ìyẹn la mú.

Ibì kan wà tó máa ń dá àwọn ọmọ rú, àgbàlagbà náà kò sì gbẹ́yìn níbẹ̀: aṣọ tó ṣẹ́ kù yẹn. Tóbi lè yọ 2/3 kúrò lára 3/4, ó máa rí 1/12, ó wá máa ní àpò kan ló jáde ó ku 1/12, kí ló dé tí ìwé fi ní 1/8? Méjèèjì tọ̀nà o. Íńṣì 3 kan náà ni wọ́n ń wò, àmọ́ 1/12 ń fi wé yáàdì, torí íńṣì 3 méjìlá ló wà nínú 36, 1/8 sì ń fi wé àpò, torí mẹ́jọ ẹ̀ ló wà nínú 24. Iye àpò sì ni ìbéèrè ń béèrè, kì í ṣe yáàdì, nítorí náà 1/8 ló máa kọ. Tó bá kọ «àpò kan àti 1/12», ó ti da òṣùwọ̀n méjì pọ̀ nìyẹn.

Tá a bá wá dé ibi àṣìṣe, èyí kan tó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n dorí ti àkọ́kọ́ kodò dípò ti èkejì, 4/3 × 2/3, wọ́n á rí 8/9. Ẹ má kàn fi pẹ́ńsù pupa fà á, ẹ bi í pé ìbéèrè wo ló dáhùn. Ó ti dáhùn òdìkejì, ìyẹn tó bá jẹ́ íńṣì 24 ló wà nílẹ̀ tí àpò kan sì ń jẹ 27, kò ní tó àpò kan, 24 nínú 27, 8/9 lóòótọ́. Àwọn mìíràn á dorí méjèèjì kodò, 4/3 × 3/2, wọ́n á rí 2. Àpò méjì máa jẹ íńṣì 48, ibo la ti fẹ́ rí 48 nínú 27? Ẹ jẹ́ kó mọ́ ọn lára láti fi ìdáhùn lọ́nà ohun tó fi pín in, kó wò ó bóyá ó padà sí ohun tó kọ́kọ́ wà: 9/8 × 2/3, 18/24 ni, 18/24 sì ni 3/4.

Nọ́ńbà tó bá ní odidi lára náà ní wàhálà tiẹ̀. Ẹ ní yáàdì 3, ẹ̀wù kan ń jẹ yáàdì kan àbọ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà á sọ fún yín pé ẹ̀wù méjì. Àmọ́ ọmọ tó ń há ìlànà sórí máa rí 1/2 tó wà lára kan àbọ̀, á dorí ìyẹn nìkan kodò, ó di 2, á fi odidi 1 tó wà níwájú ẹ̀ kún un, ó di 3, á wá fi 3 lọ́nà 3, ẹ̀wù 9! Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ kan àbọ̀ di 3/2 ná, kó tó dorí ẹ̀ kodò di 2/3, 3 × 2/3 ni 2.

Tí tíṣà bá sì jẹ́ irú àwọn tó ní àwọn ò fẹ́ àwòrán àti aṣọ, pé orí ìwé làwọn fẹ́ rí i, kò le. 6 tá a fi 3 pín, 2 ni. Ẹ sọ méjèèjì di ìlọ́po méjì, 12 tá a fi 6 pín, 2 náà ni, torí tẹ́ ẹ bá fi nọ́ńbà kan náà lọ́nà ohun tẹ́ ẹ̀ ń pín àti ohun tẹ́ ẹ fi ń pín in, ìdáhùn kì í yí, àfi tí nọ́ńbà yẹn bá jẹ́ òdo. Nítorí náà ẹ fi 3/2 lọ́nà méjèèjì nínú tiwa. 2/3 × 3/2 di 6/6, ìyẹn 1. 3/4 × 3/2 ló kù lápá kejì, a wá ń fi 1 pín in, kò sì sí nǹkan tá a fi 1 pín tó yí padà. Torí pé 3/2 ló máa sọ 2/3 di 1 la ṣe mú un, kò sí nọ́ńbà mìíràn tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ẹ wá fún un ní èyí kó dá ṣe é, kẹ́ ẹ má sì ràn án lọ́wọ́: 1/2 ÷ 3/4. Ààbọ̀ yáàdì ló wà nílẹ̀, àpò kan ń jẹ 3/4 yáàdì. Kó tó kọ nǹkan kan sílẹ̀, ẹ bi í bóyá ìdáhùn máa tó 1 tàbí kò ní tó. Tó bá ní kò ní tó, tó ní íńṣì 18 ò lè tó 27, tó sì wá rí 2/3, ẹ jẹ́ kó máa lọ ṣeré. Tó bá jẹ́ 3/2 ló rí, ẹ ní kó lọ wọn ààbọ̀ yáàdì lórí tábìlì Màmá kó sì gé àpò kan àbọ̀ nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ rí i.