Ibi tí ṣófà máa jókòó sí nínú fọ́tò pálọ̀ òfìfo

"Ẹ̀yin ọ̀gá, mo fi ṣófà sínú fọ́tò pálọ̀ òfìfo, ó kàn ń léfòó ni, ó tún tóbi jù. Kí ni mo ṣe tí ò dáa?"

Àbúrò, ìlà ojú kámẹ́rà ni kó o kọ́kọ́ wá. Fa ìlà tẹ̀lé etí táìlì méjì tó jọ ń lọ sẹ́yìn, ibi tí wọ́n bá ti pàdé, fa ìlà ìbú gbọọrọ gba ibẹ̀ kọjá, gíga kámẹ́rà nìyẹn káàkiri yàrá.

Pálọ̀ kan tí mo ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ilẹ̀kùn ẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7, ó jẹ́ píkísẹ́lì 700 nínú fọ́tò, ìlà yẹn sì gé e ní 500 láti ìsàlẹ̀, a jẹ́ pé ẹsẹ̀ bàtà 5 ni kámẹ́rà wà. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹsẹ̀ ṣófà tẹ̀ sún mọ́ wa ju ilẹ̀kùn lọ, láti ibẹ̀ dé ìlà jẹ́ 800. Ṣófà ga ní ẹsẹ̀ bàtà 3, ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún gíga kámẹ́rà nìyẹn, mo bá fún un ní 480.

Ti léfòó yẹn, ó jọ pé ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ya ṣófà ẹ. Fa ìlà tẹ̀lé etí òun náà, tí wọn ò bá pàdé lórí ìlà yàrá, fífẹ̀ ẹ́ tàbí sísún un kì í tún un ṣe o, wá fọ́tò míì tí wọ́n yà láti òkè díẹ̀, tí ojú ìjókòó ti hàn.