Lẹ́tà sí Bàbá Ìjọ tó wà ní ọsibítù, àti ètò àwọn tí yóò máa lọ wò wọ́n

"Bàbá Ìjọ wa wà ní ọsibítù láti ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà ìkíni lórúkọ gbogbo ìjọ, kí n sì to orúkọ àwọn tí yóò máa lọ wò wọ́n. N ò ṣe irú ẹ̀ rí. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Ẹ kú àníyàn Bàbá o. Ọlọ́run á gbé wọn dìde. Èmi ni akọ̀wé ìjọ wa ní Èbúté Mẹ́ta nígbà tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí wa, mo sì ṣe àṣìṣe tí n ò fẹ́ kí ẹ ṣe.

Ojú ìwé méjì ni lẹ́tà tí mo kọ́kọ́ kọ. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé àyè wọn ṣófo láàárín wa, pé a ò lè gbàgbé iṣẹ́ ribiribi tí wọ́n ti ṣe láti ìgbà tí ìjọ wa ò tíì ní ju páànù lórí lọ. Tọkàntọkàn ni mo fi kọ ọ́. Màmá ń kà á fún Bàbá, wọ́n dé ibi "àyè yín ṣófo", wọ́n dákẹ́. Wọ́n ká ìwé náà, wọ́n fi etí ìró nu ojú. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ọ̀rọ̀ ìsìnkú ni mo kọ sí ẹni tó wà láàyè. Ohun tó wà níwájú ni kí ẹ kọ sí aláìsàn, kì í ṣe oríkì ohun tó ti ṣe kọjá. Ẹ fi Sáàmù 23 sílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí òjìji ikú tó wà nínú ẹ̀. Sáàmù 41 ẹsẹ 3, tó sọ bí Olúwa ṣe ń gbé aláìsàn ró lórí ibùsùn, ló bá a mu. Èyí tí mo tún kọ nìyí:

"Bàbá wa, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìfaradà. Gbogbo ọmọ yín nínú ìjọ ní kí n kí yín, látorí àwọn àgbà dórí àwọn ọmọ kéékèèké. Ẹgbẹ́ akọrin ń kọ́ orin ìkórè lọ́wọ́, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ó sọ ibi tó kù sí fún àwọn. Ara yín á yá, ẹsẹ̀ ara yín lẹ ó sì fi rìn wọlé bá wa. Àwa ọmọ yín."

Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sórí páálí, kó ṣeé kà láìlo awò. Ẹ má dárúkọ àìsàn náà níbẹ̀ rárá, nítorí gbogbo ẹni tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ni yóò kà á.

Ní ti ìbẹ̀wò, àwa 23 la ti ilé ìsìn lọ tààrà lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́. Ẹni méjì péré ni wọ́ọ̀dù náà ń gbà lẹ́ẹ̀kan, láago 4 sí 6 ìrọ̀lẹ́. A bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi gbà wá, a sì kọrin. Bàbá tí wọ́n ní kó sinmi wá ń tiraka láti dìde jókòó kí ó lè dá kálukú lóhùn, bẹ́ẹ̀ èémí wọn ò délẹ̀. Nọ́ọ̀sì lé wa jáde, ó sì jàre. Kúlà oúnjẹ mẹ́ta la gbé lọ, bẹ́ẹ̀ ọkàn wọn ni kò ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara dáadáa, tí ẹsẹ̀ wọn fi wú. Dókítà ti ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù gan-an. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ẹnikẹ́ni ò yọjú.

Ohun tó dùn mí jù ni Màmá. Lọ́dọ̀ wa, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nítòsí tí yóò sáré ra oògùn nígbàkígbà tí wọ́n bá kọ ọ́, òru márùn-ún ni Màmá sì ti fi sùn lórí àga. Kò sẹ́ni tó ronú kàn án. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ wọn bóyá Bàbá ń fẹ́ àlejò, kí ẹ tó wá fi irú èyí tí mo kọ sí ìjọ wa ránṣẹ́:

"Ẹni méjì ni yóò máa lọ lóòjọ́, aago 4 ìrọ̀lẹ́, ìṣẹ́jú 15 péré. Àwọn ará Yábàá àti Ṣómólú ló ni Ajé sí Ẹtì. Àwọn tó ń bọ̀ láti Ìkòròdú ló ni Àbámẹ́ta, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹni tí ara ẹ̀ ò bá yá kó má lọ. Ẹ má gbé oúnjẹ lọ àyàfi tí ọmọ wọn bá ní kí ẹ gbé e. Owó ni kí ẹ fi sínú àpòòwé fún Màmá. Lálẹ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Àbámẹ́ta, ọ̀dọ́kùnrin kan yóò sùn ti Bàbá, aago 7 alẹ́ sí 7 àárọ̀. Ẹni tí kò bá lè lọ kó tètè pe akọ̀wé."

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn ni Màmá tó fẹ̀yìn kan ibùsùn nílé. Nígbà tí mo pè wọ́n láago 8 àárọ̀, ọmọ wọn ló gbé e, ó ní wọn ò tíì jí.