Tú tàbí vos nínú èdè Sípáníìṣì: ibi tí agbára ohùn bọ́ sí ni kí o máa wò

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Tú hablas, tú tienes, tú puedes, ìyẹn o ń sọ̀rọ̀, o ní, o lè, ni tíṣà Sípáníìṣì mi kọ́ mi. Iṣẹ́ ń gbé mi lọ sí Buẹ́nọ̀sì Áírẹ̀sì ní Ajẹntínà, vos ni wọ́n ń lò dípò tú fún ìwọ, vos tenés, vos podés ni mo sì ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀. Ṣé gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe ni mo máa tún kọ́ ni?"

Rárá o, àbúrò. Mo bá wọn gbé níbẹ̀, mo sì bá wọn dúró tajà ní ṣọ́ọ̀bù. Ibi méjì péré ni nǹkan ti ń yí padà: ohun tí èèyàn ń ṣe lọ́wọ́ tàbí tó máa ń ṣe, àti àṣẹ. Tó bá jẹ́ èyí tó ti kọjá, hablaste. Èyí tó ń bọ̀, hablarás. Bí tíṣà rẹ ṣe kọ́ ọ náà nìyẹn, má fọwọ́ kàn án.

Mú ọ̀rọ̀-ìṣe bó ṣe wà nínú ìwé atúmọ̀, yọ r ìdí rẹ̀, fi s rọ́pò rẹ̀, kí o sì gbé agbára ohùn, ìyẹn ibi tí ohùn ti ń tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, sórí sílébù ìkẹyìn. Hablar á di hablás, tener á di tenés, vivir á di vivís. Tó bá jẹ́ àṣẹ lo fẹ́ pa, s náà á kúrò: hablá, tené, viví. Díẹ̀ ló ya olóríkunkun níbẹ̀. Ser á di sos, ir á di vas, haber á di has. Ir kò ní àṣẹ tirẹ̀ rárá. Andá ni wọ́n ń sọ.

Agbára ohùn yẹn gan-an ni kókó ọ̀rọ̀. O mọ bí fáwẹ̀lì o inú poder ṣe di ue nínú puedes, tí e inú tener sì di ie nínú tienes. Ìgbà tí agbára ohùn bá bọ́ sórí fáwẹ̀lì yẹn nìkan ló ń là sí méjì. Vos ti gbé agbára náà lọ sí ìdí ọ̀rọ̀, kò sí ohun tó máa là á mọ́: podés, tenés, querés, dormís. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé vos rọrùn ju tú lọ. Àwọn àṣẹ kéékèèké tí tíṣà ní kí o há sórí, di, haz, pon, sal, ven, gbogbo wọn padà sórí ìlà: decí, hacé, poné, salí, vení.

Wo gbólóhùn kan tí màmá onílé mi máa ń sọ: "Vení, sentate. ¿Qué querés tomar?" Ìyẹn ni pé, wá, jókòó, kí lo fẹ́ mu? Ẹni tó ń lo tú á ní: "Ven, siéntate. ¿Qué quieres tomar?" Sentá ni àṣẹ náà, te wá lẹ̀ mọ́ ọn. Orí tá ni agbára ohùn ṣì wà, ṣùgbọ́n tá kì í ṣe sílébù ìkẹyìn mọ́, nítorí náà àmì orí a bọ́ sílẹ̀ nínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ náà ni decime. Wo te yẹn dáadáa pẹ̀lú: ti tú ló ṣẹ́ kù síbẹ̀. Vos te sentás ni wọ́n ń wí, tu casa ni ilé rẹ. Àmọ́ má sọ contigo tàbí para ti fún wọn. Con vos, para vos ni.

Salí lè dà ọ́ láàmú díẹ̀, torí "jáde!" ni, "mo jáde" náà sì ni. Ohun tí ẹ ń sọ bọ̀ ló máa yà wọ́n.

Má ro pé gbogbo ibi tí wọ́n ti ń lo vos ló rí báyìí. Láyé àtijọ́, vos jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀, habláis sì ni ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń bá a rìn. Buẹ́nọ̀sì Áírẹ̀sì ju i nù, ó di hablás. Marakáíbò ní Fẹnẹsúẹ́là mú un dání: vos habláis. Ní Ṣílè, i ló dúró, s ló ń pòórá: hablái, tú gan-an ni wọ́n sì sábà máa ń fi ṣíwájú rẹ̀. Bí o bá gbé vos fúnra rẹ̀ sọ sí ẹni tí o kò mọ̀ níbẹ̀, ó lè gbà á sí ìwọ̀sí.

Ohun tó le jù fún mi ni láti pe àgbàlagbà ní vos. Ní Buẹ́nọ̀sì Áírẹ̀sì, ọmọdé ń pe bàbá bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá àti ọmọọṣẹ́ ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀. Bí ara rẹ bá kọ̀ ọ́ bíi tèmi, lo usted, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo, fún àwọn arúgbó tí o kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó máa bínú. Kìkì kí o rántí pé agbára ohùn ti padà sórí sílébù tàtijọ́, lílà náà sì ti dé: siéntese, ¿qué quiere tomar?