Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ sanwó tíkẹ́ẹ̀tì

“Ẹ káàrọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹgbẹ́ àwa oníṣòwò kéékèèké ní Abẹ́òkúta fẹ́ ṣe àpérò ní oṣù Kọkànlá. A nílò olùbánisọ̀rọ̀ 6, a sì fẹ́ kí àwọn ènìyàn tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì ní owó tó dínkù. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán tí a máa gbé sí Instagram, tí yóò pe àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà? Kò gbọdọ̀ gùn jù.”

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ o. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mẹ́rin ṣe irú rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 2022, ohun tí ọ̀rọ̀ kúkúrú kan ná wa nígbà náà ṣì ń dùn mí títí di òní. Mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó gbé ohunkóhun síta.

Ohun tí a kọ nìyí: “A ń wá olùbánisọ̀rọ̀! Àǹfààní owó tó dínkù kò ní pẹ́ parí. Ẹ tètè forúkọ sílẹ̀ kí ààyè tó tán. Líǹkì wà ní ojú ìwé wa.” Ọkùnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ ìpolówó orí ayélujára ni ó kọ ọ́ fún wa, a sì ti san owó rẹ̀ pé kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ti kọ́kọ́ kọ iye tíkẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yọ ọ́ kúrò, ó ní ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye rẹ̀ yóò wá béèrè ní ìkọ̀kọ̀, àti pé ọ̀rọ̀ tó bá gùn kì í tà. Mo gbà fún un nítorí pé mo rò pé ó mọ̀ ju èmi lọ.

Ọ̀rọ̀ tí ó bà wá jẹ́ níbẹ̀ ni “forúkọ sílẹ̀”. Ẹni tí ó fẹ́ wá jókòó gbọ́ kà á, ó mọ̀ pé kí òun ra tíkẹ́ẹ̀tì ni. Ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ náà kà á, ó sì rò pé bí òun ṣe máa di olùbánisọ̀rọ̀ nìyẹn. Ní ọdún náà, líǹkì kan ṣoṣo ni Instagram gbà láàyè ní ojú ìwé ẹni, ojú ìwé ìsanwó tíkẹ́ẹ̀tì ni a sì fi síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá tẹ̀ ẹ́, ìbáà fẹ́ sọ̀rọ̀, ìbáà fẹ́ gbọ́, ibi tí wọ́n ti ń gba ₦10,000 ni ó ń já sí.

Láàárín ọjọ́ 9, ènìyàn 51 ti sanwó, inú wa sì dùn. Ilé iṣẹ́ tí ó ń bá wa gba owó náà ń yọ ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún àti ₦100 lé e, tí ó túmọ̀ sí pé ₦9,750 ni ó ń wọ àpò wa lórí tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ń bójú tó gbọ̀ngàn ti ń dà wá láàmú fún àsansílẹ̀ ₦350,000, nítorí náà a yọ ọ́ nínú owó tí ó wọlé, a sì fi ọkàn balẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, obìnrin kan tí ó ń ta aṣọ òfì pè mí, ó béèrè ìgbà tí òun yóò sọ̀rọ̀ àti iye ìṣẹ́jú tí a fún òun. Mo sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn olùbánisọ̀rọ̀. Ó ní báwo ni kò ṣe ní sí níbẹ̀, nígbà tí òun ti san owó ìforúkọsílẹ̀, tí òun sì ti sọ fún àwọn oníbàárà òun pé òun máa gun orí pèpéle. Ohùn rẹ̀ yí padà nígbà tí mo ṣàlàyé fún un. Ó dà bí ẹni tí a lù ní jìbìtì, n kò sì lè dá a lẹ́bi. A wá ń pe àwọn 51 náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, a sì rí i pé 23 nínú wọn ni ó sanwó nítorí pé wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀. Gbogbo àwọn 23 ni ó béèrè owó wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lẹ́yìn àsansílẹ̀ gbọ̀ngàn, ₦147,250 ni ó kù lọ́wọ́ wa. Owó tí a gbọ́dọ̀ dá padà jẹ́ ₦230,000, nítorí pé ẹni tí ó san ₦10,000 kò ní gba ₦9,750. Ilé iṣẹ́ ìsanwó ní owó iṣẹ́ tí wọ́n ti yọ kì í padà. Alábòójútó gbọ̀ngàn ní àsansílẹ̀ òun kì í padà, ó sì nawọ́ sí lẹ́tà wínníwínní kan lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí ìsanwó tí kò sẹ́ni tí ó fi hàn wá lọ́jọ́ tí a ń sanwó. Àwa márààrún ni a dá ₦82,750 tí kò pé. Onímọ̀ ìpolówó wa kò gbé fóònù mọ́.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé a ti rí àmì rẹ̀ ṣáájú. Ní ọjọ́ kẹta, ẹnì kan béèrè lábẹ́ àwòrán náà pé, “Ṣé lẹ́yìn tí mo bá sanwó ni ẹ máa pè mí láti sọ̀rọ̀?” Ọkùnrin náà dá a lóhùn pé, “Ẹ wá sí ìkọ̀kọ̀.” Bí a bá ti dáhùn ìbéèrè yẹn ní gbangba, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á, a kì bá tí dá owó padà fún ẹni 23. Bí ẹ bá rí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ tún ọ̀rọ̀ náà kọ lójú ẹsẹ̀. Instagram gba ènìyàn láàyè láti tún un ṣe lẹ́yìn tí ó ti jáde.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ méjì, kí ẹ sì gbé wọn jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ti olùbánisọ̀rọ̀ ṣáájú. Ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ọ̀rọ̀ lè gùn tó lẹ́tà 2,200, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 125 àkọ́kọ́ ni ojú ń rí kí ènìyàn tó tẹ̀ ẹ́ láti ka ìyókù, àmì ohùn Yorùbá sì máa ń jẹ nínú ààyè náà. Nítorí náà, ìlà àkọ́kọ́ ni kí ó sọ ẹni tí ẹ ń pè, bóyá owó wà níbẹ̀, àti ọjọ́ tí yóò parí. Bí àpẹẹrẹ:

“A ń wá OLÙBÁNISỌ̀RỌ̀ 6 fún àpérò oníṣòwò Abẹ́òkúta. Ọ̀FẸ́ NI, ẹ má san owó kankan. Ó parí ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹjọ. A fẹ́ ẹni tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣòwò, tí ó lè fi ìṣẹ́jú 25 sọ bí òun ṣe rí owó ìdókòwò, bí òun ṣe ń pa ìwé owó mọ́, tàbí bí òun ṣe ń gba gbèsè lọ́wọ́ oníbàárà. A máa san owó ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò sí owó iṣẹ́. A kò gba ọjà títà láàyè lórí pèpéle. Gbogbo ẹni tí ó bá kọ̀wé ni a máa dá lóhùn kí ó tó di ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ. Ẹ tẹ líǹkì tí a pè ní SỌ̀RỌ̀ ní ojú ìwé wa.”

Ẹ má yọ gbólóhùn owó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́ kúrò, ìbáà jẹ́ pé ẹ kò fẹ́ san ohunkóhun. Olùbánisọ̀rọ̀ tí kò bá rí i níbẹ̀ yóò béèrè rẹ̀ nígbà tí àpérò bá ku ọjọ́ mẹ́ta, ìgbà yẹn ni yóò sì nira jù fún yín láti sọ pé kò sí. Èyí tí ó sọ pé a kò gba ọjà títà pẹ̀lú ní ìdí: bí ẹ kò bá kọ ọ́, ìdajì àwọn tí yóò kọ̀wé ni yóò fẹ́ wá polówó ọjà wọn fún àwọn tí ó sanwó láti kẹ́kọ̀ọ́.

Ti tíkẹ́ẹ̀tì lè jáde ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ẹ ti ní orúkọ tí ẹ lè fi síbẹ̀. Ẹ fi iye tiyín rọ́pò tèmi:

“TÍKẸ́Ẹ̀TÌ 60 wà ní ₦8,000 títí di ọjọ́ 30, oṣù Kẹsàn-án. Lẹ́yìn rẹ̀, ₦12,000 ni. Bí 60 bá tán ṣáájú ọjọ́ náà, owó náà á gòkè lọ́jọ́ tó tán. Oúnjẹ ọ̀sán wà nínú rẹ̀. A máa dá gbogbo owó padà fún ẹni tí kò bá lè wá, bí ó bá sọ fún wa kí ó tó di ọjọ́ 15, oṣù Kẹwàá. Ẹ tẹ líǹkì tí a pè ní TÍKẸ́Ẹ̀TÌ.”

Bí ọjọ́ náà bá pé tí tíkẹ́ẹ̀tì 60 kò tíì tán, ẹ gbé owó sókè bí ẹ ti wí. Àwa sún tiwa síwájú lẹ́ẹ̀mejì, àwọn tí ó ti tètè ra bínú, àwọn tí kò tíì rà sì rí i pé kò sí ìdí tí àwọn fi gbọ́dọ̀ yára. Ẹ má sì kọ pé iye rẹ̀ gan-an jẹ́ ₦25,000 nígbà tí ẹ kò ní í tà á ní ₦25,000 láéláé. Irọ́ ni, Òfin Ìdíje àti Ààbò Oníbàárà ti ọdún 2018 kò sì fàyè gba kí oníṣòwò fi irú rẹ̀ ṣi oníbàárà lọ́nà.

Lórí orúkọ, n kò ní lè má sọ èyí: ẹ má fi àwòrán ẹnikẹ́ni sórí ìwé ìpolówó tíkẹ́ẹ̀tì títí tí ẹni náà yóò fi kọ̀wé pé òun ń bọ̀, tí ó sì mẹ́nu ba ọjọ́ náà. “Màá gbìyànjú” lórí fóònù kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Àwa gbé àwòrán ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan síta nítorí pé akọ̀wé rẹ̀ ní kò sí wàhálà. Nígbà tí kò wá, ẹni tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì nítorí rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè owó rẹ̀, a sì san án.

Ní báyìí, bí ìgbìmọ̀ yín bá takú pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn fẹ́ fún àwọn méjèèjì, Instagram ti gba líǹkì tó márùn-ún láàyè ní ojú ìwé ẹni láti ọdún 2023, nítorí náà ẹ lè kọ ìlà àkọ́kọ́ báyìí: “Ẹ fẹ́ SỌ̀RỌ̀? Ọ̀fẹ́ ni, líǹkì kìíní. Ẹ fẹ́ WÁ GBỌ́? ₦8,000, líǹkì kejì.” Ìyókù lè tẹ̀ lé e. Ẹ má kọ líǹkì sínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, nítorí kò ṣe é tẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má sì lo “forúkọ sílẹ̀” níbikíbi nínú rẹ̀. Ẹ kọ “kọ̀wé sí wa” fún ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì kọ “ra” fún ẹni tó fẹ́ gbọ́.

Kí ó tó jáde, ẹ fún ẹnì kan tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ yín ní fóònù, kí ó kà á lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, “Bí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀, èló ni wàá san?” Bí ó bá dárúkọ iye kankan, ẹ tún un kọ.